Kí Ẹ Tó Gbé Ọkọ́: Bí A Ṣe Ń Fi Fọ́tò Ẹ̀yìnkùlé Ṣètò Ebè Ẹ̀fọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé ló máa ń kọ́kọ́ ya fọ́tò ilẹ̀ náà, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀gbìn, á sì béèrè pé, "Ibo ni kí n kọ ebè sí?" Ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú fọ́tò lojú gbogbo èèyàn ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń fẹ́ kọ ebè sí. Ṣùgbọ́n oòrùn inú fọ́tò, oòrùn ìṣẹ́jú kan péré ni. Ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀ yóò dúró lójú kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, láti àkọ́rọ̀ òjò títí di ìgbà ọyẹ́. Nítorí náà, òjìji ló yẹ ká wò nínú fọ́tò ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Òjìji ló ń sọ ibi tí oòrùn ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, àti ohun tó máa dí i lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò kan, ká kà á tinútinú, títí a ó fi fi èèkàn sàmì ebè sórí ilẹ̀.

Ohun tó wà nínú fọ́tò

Ẹ̀yìnkùlé ilé oníyàrá mẹ́ta kan n'Ìbàdàn ni. Oṣù Jánúárì ni wọ́n ya fọ́tò náà, ní aago 9:30 àárọ̀. Ẹni tó yà á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kọjú sí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn. Ilẹ̀ pupa ni, koríko hù síbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́ yí i ká lẹ́yìn àti lápá méjèèjì. Igi mángòrò aládùúgbò yọrí lókè fẹ́ǹsì apá òsì. Tẹ́ǹkì omi dúdú wà lápá òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Lápá ọ̀tún, ní ìgun tó sún mọ́ ilé, ìdérí kọnkéré kan wà nílẹ̀. Apá ọ̀tún ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ rekete, apá òsì sì ṣókùnkùn lábẹ́ ibòòji mángòrò. Láàárín méjèèjì, korobá ọ̀dà kan dúró, òjìji rẹ̀ nà sí ọ̀tún, ó sì fì wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ya fọ́tò.

Bí ẹ bá bi onílé, apá ọ̀tún ló máa nawọ́ sí. Korobá yẹn ni a ó fi mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ.

Korobá àti òjìji rẹ̀

Láàárọ̀, oòrùn wà ní ìlà-oòrùn, òjìji gbogbo nǹkan á sì nà sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí òjìji korobá yìí nà sí ọ̀tún, a mọ̀ pé ọ̀tún ni ìwọ̀-oòrùn, òsì ni ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá sì dúró tí ìlà-oòrùn wà lósì rẹ̀, gúúsù ló kọjú sí. Fẹ́ǹsì ẹ̀yìn wà ní gúúsù nìyẹn, ilé sì wà ní àríwá. Fífì tí òjìji fì wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ya fọ́tò náà ní ìtumọ̀: ní Jánúárì, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá lójú ọ̀run wa, òjìji á wá fì sí àríwá.

Gbogbo èyí kò ní ṣeé ṣe bí a kò bá mọ aago tí wọ́n ya fọ́tò. Fóònù máa ń tọ́jú aago sínú fọ́tò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wọ́tsáàpù bí a ṣe sábà ń ṣe, àkọsílẹ̀ yẹn kì í tẹ̀ lé e mọ́. Ẹ ní kí ẹni tó yà á kọ ọjọ́ àti aago sábẹ́ fọ́tò, tàbí kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ìwé dípò fọ́tò, kí nǹkan kan má bàa já kúrò lára rẹ̀.

Gígùn òjìji náà lè jẹ́rìí sí aago. Bí òjìji nǹkan bá gùn tó nǹkan náà gẹ́lẹ́, oòrùn ti dé ìlàjì ọ̀nà sí àtàrí nìyẹn. N'Ìbàdàn ní oṣù Jánúárì, nǹkan bí aago 10:30 nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Nínú fọ́tò wa, òjìji korobá gùn tó korobá kan àti ààbọ̀, èyí sì bá aago 9:30 mu. Ká ní wọ́n sọ pé ọ̀sán gangan ni wọ́n ya fọ́tò, òjìji ni ì bá tú wọn fó. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀sán gangan n'Ìbàdàn kì í ṣe aago 12. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí aago kan ni oòrùn máa ń ga jù, nítorí pé aago gbogbo Nàìjíríà bá ìlà kan mu tó wà jìnnà sí Ìbàdàn níhà ìlà-oòrùn.

Ní báyìí, apá òsì tó ṣókùnkùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀. Ìlà-oòrùn ni mángòrò wà, ìyẹn ni pé àárọ̀ nìkan ló lè dí oòrùn. Tí ó bá di nǹkan bí aago 10:30, oòrùn á ti ga kọjá orí igi náà, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì rí ìmọ́lẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Apá ọ̀tún tó mọ́lẹ̀ rekete ńkọ́? Fẹ́ǹsì ìwọ̀-oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, fẹ́ǹsì yẹn ni yóò gba oòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò kejì tí wọ́n yà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fi èyí hàn: òjìji fẹ́ǹsì ọ̀tún ti nà tó mítà méjì àti díẹ̀ wọ inú ilẹ̀, apá òsì tó ṣókùnkùn láàárọ̀ sì wà nínú oòrùn kíkún.

Nítorí náà, fọ́tò kan kò tó. Ẹ ya mẹ́ta lójú kan náà lọ́jọ́ kan náà: nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago kan ọ̀sán, àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi àmì sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ yín dúró sí kí ẹ lè padà síbẹ̀. Ibi tí oòrùn bá wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń rí oòrùn tó wákàtí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ata, tòmátò àti ilá ń fẹ́ ó kéré tán wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó lè so dáadáa. Ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ewé rẹ̀, bíi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, lè fara da mẹ́rin tàbí márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò fà díẹ̀ kí wọ́n tó tó já.

Jánúárì kì í ṣe Júùnù

Àwọn fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti sọ ìtàn ọjọ́ kan. Wọn kò tíì sọ ti ọdún. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, oòrùn kì í gba ojú kan kọjá lọ́sàn-án láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. N'Ìbàdàn, àtàrí gan-an ló máa ń wà ní ọ̀sán nǹkan bí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Épírì, á tún padà síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, apá àríwá ló ń gbà. Nínú àwọn oṣù yòókù, apá gúúsù ni.

Fẹ́ǹsì ẹ̀yìn wa wà ní gúúsù, ó sì ga tó mítà méjì. Ní Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì, òjìji rẹ̀ ní ọ̀sán máa ń nà tó mítà kan àti díẹ̀ wọ inú ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá wo fọ́tò Jánúárì yóò rò pé ilẹ̀ tó wà nídìí fẹ́ǹsì yẹn kò wúlò. Ṣùgbọ́n láti Épírì títí di Ògọ́ọ̀sì, òjìji ọ̀sán fẹ́ǹsì náà á bọ́ sí ìhà kejì, sí ilẹ̀ aládùúgbò, ilẹ̀ ìdí fẹ́ǹsì á wá kún fún oòrùn. Ilé tó wà ní àríwá ni yóò wá máa ju òjìji rẹ̀ sínú ẹ̀yìnkùlé. Kò ní jìnnà púpọ̀: ní Júùnù, òjìji ọ̀sán ilé tí òrùlé rẹ̀ ga tó mítà mẹ́ta kì í nà tó mítà kan.

Kí la wá rí kọ́ níbẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ òjò nìkan, ẹ lè sún mọ́ fẹ́ǹsì gúúsù. Bí ẹ bá fẹ́ máa gbìn yí ọdún po, kí ẹ máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi mítà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín ebè àti fẹ́ǹsì náà. Onílé wa fẹ́ gbìn yí ọdún po, mítà kan àti ààbọ̀ yẹn la ó sì lò.

Àwọn òǹkàwé wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọdọ̀ kó ìṣirò yìí lọ sí ọ̀hún bó ṣe wà. Níbẹ̀, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà. Fẹ́ǹsì gúúsù tó ga mítà méjì a máa ju òjìji tó mítà kan ní ọ̀sán Júùnù, tó mítà méjì àti ààbọ̀ ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Máàṣì, àti tó mítà méje àti ààbọ̀ ní Dìsẹ́ńbà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìdí fẹ́ǹsì àríwá, tó kọjú sí gúúsù, ni ẹni tó bá fẹ́ dán ewédú àti tẹ̀tẹ̀ wò nígbà ooru lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Kíka búlọ́ọ̀kù

Fọ́tò kì í sọ òótọ́ nípa bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ohun tó wà nítòsí á tóbi, ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á kéré, ilẹ̀ tó gùn á sì dà bí èyí tó kúrú. Bí wọ́n bá tún fi ojú kámẹ́rà tó ń kó ibi gbòòrò yà á, èyí tí fóònù ń pè ní `0.5x`, etí fọ́tò á tẹ̀ kọrọdọ, ẹ̀yìnkùlé kékeré á sì dà bíi pápá ìṣeré. `1x` ni kí ẹ lò.

Ohun tó máa gbà wá ni fẹ́ǹsì tí wọn kò rẹ́. Búlọ́ọ̀kù tí a ń lò káàkiri Nàìjíríà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 22.5. Bí a bá fi símẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn kún un, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 47 ní ìbú àti 25 ní òró. Ẹ má fi rúlà wọn fọ́tò o, ẹ ka búlọ́ọ̀kù ni. Búlọ́ọ̀kù tó wà ní ìkángun lè dà bí ìdajì èyí tó wà níwájú, àmọ́ iye kan náà ni wọ́n.

Nínú fọ́tò wa, fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ní ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ lórí ara wọn: mítà méjì nìyẹn ní gíga. Búlọ́ọ̀kù 13 ló wà láti ìgun kan dé ìkejì, ìyẹn mítà mẹ́fà àti díẹ̀. Lára fẹ́ǹsì ọ̀tún, láti ìgun ilé dé fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, a ka búlọ́ọ̀kù 11: mítà márùn-ún àti díẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé náà fẹ̀ ní mítà mẹ́fà, ó sì jìn ní mítà márùn-ún nìyẹn. Bí wọ́n bá ti rẹ́ fẹ́ǹsì yín, ẹ gé igi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn ní mítà kan, ẹ gbé ọ̀kan sílẹ̀ níwájú, ẹ gbé èkejì síwájú fẹ́ǹsì ẹ̀yìn kí ẹ tó ya fọ́tò.

Àwọn àmì tó fara pamọ́

Ẹ wá fa fọ́tò náà tóbi lójú fóònù, kí ẹ máa wo ibi kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì. Ibi tí ara búlọ́ọ̀kù bá ti di aláwọ̀ ewé, ọ̀rinrin kì í tètè gbẹ níbẹ̀, oòrùn ò sì fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ fún ipa ọ̀gbàrá. Nínú fọ́tò wa, ipa tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìdí tẹ́ǹkì gba iwájú ilé kọjá lọ sí ihò kan lábẹ́ fẹ́ǹsì ọ̀tún. Ó fi hàn pé òsì ga ju ọ̀tún lọ, omi òjò kì í sì í gba àárín ilẹ̀. Bí ẹ bá rí làbẹ̀làbẹ̀ níbi kan, omi máa ń dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá rí èkan, ẹ múra sílẹ̀ láti hú gbòǹgbò rẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí èyíkéyìí tí ọkọ́ bá gé kù sínú ilẹ̀ yóò tún hù.

Ìdérí kọnkéré tó wà ní ìgun ọ̀tún, sókàwéè ni, kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ. Koríko tó yí i ká tutù yọ̀yọ̀ ní Jánúárì, nígbà tí koríko yòókù ti pọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ibẹ̀ lilẹ̀ ti lọ́ràá jù. Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tó fún un lọ́ràá ni kò yẹ kó kan ewé tí a fẹ́ jẹ. Ẹ jẹ́ kí ebè jìnnà sí i, kí ó sì wà ní apá òkè rẹ̀, kó má jẹ́ pé omi sókàwéè ló máa ṣàn gba inú ebè.

Ohun kan ṣì kù. Nítòsí àárín ilẹ̀, ojú kan wà tó funfun ju ibi yòókù lọ, kò sì sí koríko kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn bírikilà ti po símẹ́ǹtì nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Ilẹ̀ tí símẹ́ǹtì bá wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí irúgbìn rí àwọn èròjà kan fà mu, ewé tuntun á máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan ewé nìkan ni yóò ṣẹ́kù ní àwọ̀ ewé. Ajílẹ̀ kò lè tún un ṣe. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ jinlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ kó o dànù, kí ẹ fi ilẹ̀ mìíràn dí i, tàbí kí ẹ yẹ ebè kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ebè yóò wà

Ó ti yá wàyí. Ebè tí a fẹ́ kọ yóò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120, yóò sì gùn ní mítà mẹ́ta. Ọwọ́ àgbàlagbà lè na sẹ̀ǹtímítà 60 láìṣòro, nítorí náà ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìíní tàbí ìkejì á lè dé àárín rẹ̀ láì tẹ ebè mọ́lẹ̀. Ebè tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ni a ó máa fi tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ tí a ti tẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí gbòǹgbò rìn.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn yóò bá fẹ́ǹsì ẹ̀yìn dọ́gba, mítà kan àti ààbọ̀ sí i. Yóò bẹ̀rẹ̀ ní mítà kan sí fẹ́ǹsì òsì, yóò sì parí ní nǹkan bíi mítà méjì àti díẹ̀ sí fẹ́ǹsì ọ̀tún. Báyìí, òjìji aago mẹ́rin kò ní ju kó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan igun rẹ̀. Sókàwéè wà ní nǹkan bíi mítà méjì sí igun yẹn, ní apá ìsàlẹ̀. Tẹ́ǹkì omi kò jìnnà, ojú símẹ́ǹtì sì bọ́ sẹ́yìn ebè. Ibi tí onílé nawọ́ sí kọ́, ibi tó mọ́lẹ̀ rekete kọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni oòrùn ti pọ̀ jù bí a bá ro àárọ̀ mọ́ ìrọ̀lẹ́, tí a ro ẹ̀ẹ̀rùn mọ́ òjò.

Irúgbìn tó ga jù ló yẹ ká kọ́kọ́ wá àyè fún, nítorí òun náà ní òjìji. Ilá lè ga ju èèyàn lọ. Láti Épírì, oòrùn ọ̀sán á wà ní àríwá, òjìji ilá á máa bọ́ sí gúúsù. Nítorí náà, etí ebè tó kọjú sí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ni kí a to ilá sí, kí òjìji rẹ̀ máa bọ́ sójú ọ̀nà dípò orí ẹ̀fọ́. Bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 40 sáàárín wọn, igi ilá méje ni mítà mẹ́ta yóò gbà, méje sì tó fún ọbẹ̀ ìdílé kékeré, bí a bá ń ká a lọ́jọ́ méjì méjì kó tó gbó.

Yóò ku sẹ̀ǹtímítà 80 ní ìbú. A ó pín in sí mẹ́ta, mítà kan kọ̀ọ̀kan. Ìpín òsì, tí mángòrò ń bò láàárọ̀, ni ewédú yóò wà. Ìpín àárín ni ti tẹ̀tẹ̀. Ìpín ọ̀tún, tó ń rí oòrùn láti àárọ̀, ni ti ata: ìdí mẹ́rin péré, sẹ̀ǹtímítà 45 láàárín wọn. Ìdí mìíràn tún wà tí ata fi wà lápá ibẹ̀. Òun ló sún mọ́ sókàwéè jù, èso rẹ̀ sì wà lókè, kì í kan ilẹ̀ bí ewé ṣe ń kàn án nígbà tí òjò bá ta ẹrẹ̀ sí i.

Ohun tí fọ́tò ò lè rí

Ojú ilẹ̀ ni fọ́tò mọ. Kí ẹ tó kọ ebè, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 láàárín ibi tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún dà á kún. Bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ilẹ̀ yẹn ń gba omi dúró, ebè yín gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 nígbà òjò kí gbòǹgbò má bàa rà. Bí omi bá sì lọ kíákíá bí ẹni pé inú yanrìn ló wọ̀, ajílẹ̀ púpọ̀ ni yóò ràn yín lọ́wọ́, ebè kò sì ní láti ga.

Ẹ fà koríko bíi mẹ́ta tu pẹ̀lú gbòǹgbò wọn, ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ wò wọ́n dáadáa. Bí gbòǹgbò bá wú ní kókó kókó, aràn tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí ló wà nínú ilẹ̀ náà. Ewédú, ilá, ṣọkọ àti tòmátò ni ó fẹ́ràn jù. Wọn yóò hù, wọn yóò sì dára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á máa rọ lọ́sàn-án bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tutù, wọn á sì dúró lójú kan. Níbi tí ẹ bá ti rí kókó yìí, ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná mọ́ ilẹ̀ náà. Kò ní pa aràn náà run, ṣùgbọ́n yóò dín in kù.

Ìgbẹ́ adìẹ tó jinná ni mo wí. Èyí tó ṣì ń run gáú tó ń ta èèyàn nímú kò tíì jinná, yóò jó irúgbìn. Ẹ kó o jọ, ẹ fi omi rin ín díẹ̀, ẹ bò ó, kí ẹ máa yí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ títí tí yóò fi rí bí ilẹ̀ dúdú tí kò ní òórùn. Ìdajì korobá oní-lítà mẹ́wàá tó fún ìwọ̀n mítà kan lóròó àti níbùú. Fún gbogbo ebè wa, korobá méjì ti tó. Ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbin ohunkóhun.

Láti Jánúárì dé àkọ́rọ̀ òjò

Ó dára tó jẹ́ pé Jánúárì ni wọ́n ya fọ́tò yìí, nítorí ata kì í yára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni yóò lò nínú ike kékeré kó tó tó ṣí lọ sórí ebè. Bí onílé wa bá gbin kóró ata sínú ike ní ìparí Fẹ́búárì, á ti ṣe tán nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ ní Épírì. Ilá àti tẹ̀tẹ̀, orí ebè gan-an ni wọ́n yóò ti hù. Kóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má bàa dì sójú kan. Ẹ fọ́n ìdajì ìpín rẹ̀ lónìí, kí ẹ fọ́n ìdajì yòókù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí gbogbo rẹ̀ má bàa tó já lọ́jọ́ kan náà.

Ewédú ní ìṣòro tirẹ̀. Èèpo kóró rẹ̀ le, èyí tí a bá gbìn bẹ́ẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láì hù. Ẹ di kóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a síbòòji kó gbẹ, kí ẹ wá gbìn ín. Bó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, ó jinná nìyẹn, kò lè hù mọ́.

Tẹ̀tẹ̀ yóò tó fà tu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni ẹ óò mọ̀ bóyá ẹ ka òjìji dáadáa. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn gbọọrọ, tí gbogbo rẹ̀ sì fì sí ìhà kan, oòrùn kò tó o, ìhà tó fì sí ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Bí ata bá ń yọ òdòdó tí òdòdó náà ń já dànù, ẹ má tètè sọ pé òjìji ló fà á, nítorí ooru tó pọ̀ jù àti ọ̀gbẹlẹ̀ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, tí ooru kò sì pọ̀, tí òdòdó ṣì ń já, ẹ lọ ka iye wákàtí tí oòrùn fi ń bà á.

Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ẹ kan èèkàn mẹ́rin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibi tí ẹ fẹ́ kọ ebè sí, ẹ ta okùn yí i ká, kí ẹ tún ya fọ́tò mẹ́ta náà ní aago mẹ́sàn-án, aago kan àti aago mẹ́rin. Ẹ wo ibi tí òjìji ti wọ inú okùn. Bó bá wọ ibi tí ẹ ò retí, bóyá ẹ ti ka búlọ́ọ̀kù fò, tàbí fẹ́ǹsì kan ga ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ tú okùn, ẹ sún èèkàn síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹ tún wò ó lọ́jọ́ kejì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni sísún èèkàn ń gbà. Ebè tí a ti kọ, tí a ti po ajílẹ̀ mọ́, tí ilá ti ń hù lórí rẹ̀, odidi sáà kan ló máa ná yín láti ṣí i nípò.